Gíga Ló Wọ́n Lójú MacBook Kékeré

Ẹni tó bá ra MacBook Air onínṣì 13 ti ọdún 2020, ìbáà jẹ́ tuntun tàbí tòkunbọ̀, kò ní pẹ́ rí i pé ojú rẹ̀ tètè ń kún. Píksẹ́lì 2560 ló wà ní ìbú rẹ̀, 1600 sì wà ní òòró. Ṣùgbọ́n kí lẹ́tà má baà kéré ju ohun tí ojú lè kà, macOS ń kà á bíi póìǹtì 1440 ní ìbú àti 900 ní òòró. Inú 900 yìí ni wàhálà wà. Ìlà tó wà lókè pátápátá, níbi tí aago àti àmì bátìrì ń gbé, ti mú nǹkan bíi 24 nínú rẹ̀. Bí Dock, ìyẹn pẹpẹ tí àmì àwọn áàpù tò sí nísàlẹ̀, bá tóbi tó ìwọ̀n 64, òun àti àlàfo etí rẹ̀ á mú nǹkan bíi 80 lọ. Bí ìlà ọ̀rọ̀ kan bá gba póìǹtì 20, ìlà mẹ́rin gbáko ni Dock nìkan gbé mì.

Ìwé, lẹ́tà orí íńtánẹ́ẹ̀tì àti ìwé ìṣirò, gbogbo wọn ni à ń kà láti òkè wá sísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí Dock kọ́kọ́ kúrò nísàlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó máa ronú àtidín in kù. Ẹ ṣí System Settings, ẹ wọ Desktop & Dock, ẹ wá Position on screen, kí ẹ sì yan Left. Ọ̀nà tó yá jù wà: ẹ di Shift mú, kí ẹ fi ọfà fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó pín Dock sí méjì lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ọwọ́ òsì dára ju ọwọ́ ọ̀tún lọ, nítorí ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀pá tí a fi ń yí ojú ìwé máa ń wà, ọfà á sì máa ṣèèṣì bọ́ sórí Dock.

Nígbà tí Dock bá ti dé ẹ̀gbẹ́, ohun kan wà tó máa ń rú àwọn ènìyàn lójú. Wọ́n á fa Size síwájú, Dock ò sì ní tóbi. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Òòró ojú kọ̀ǹpútà ni Dock ń lò báyìí, àwọn áàpù tó wà lórí rẹ̀ sì ti kún un láti òkè dé ilẹ̀, macOS fúnra rẹ̀ ló ń fún wọn pọ̀ kí wọ́n lè gba ibẹ̀. Àfi kí ẹ dín wọn kù. Ẹ fa áàpù tí ẹ kì í lò kúrò lórí Dock títí ọ̀rọ̀ Remove yóò fi hàn, kí ẹ tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Áàpù náà ò kúrò nínú kọ̀ǹpútà o, àmì rẹ̀ lásán ló kúrò lórí pẹpẹ. Finder àti àpótí ìdọ̀tí nìkan ni kì í ṣe é yọ. Ẹ tún pa Show suggested and recent apps in Dock, nítorí ó lè kó áàpù tó tó mẹ́ta wá sórí Dock láìjẹ́ pé ẹ fi wọ́n síbẹ̀.

Ìwọ̀n tó dára fún irú ojú yìí jẹ́ nǹkan bíi 36. Ní ìwọ̀n yẹn, nǹkan bíi ogún àmì lè tò sí ẹ̀gbẹ́ láìfún ara wọn. Wọ́n kéré lóòótọ́, iṣẹ́ Magnification sì nìyẹn: bí ọfà bá ti kan àmì kan, á wú, èyí tí ẹ fẹ́ á hàn gbangba. Wíwú yìí kì í gba àyè lọ́wọ́ áàpù tí ẹ ń lò, orí rẹ̀ ló máa ń bọ́ sí fún ìṣẹ́jú àáyá, á sì padà. Bí ìwọ̀n wíwú bá kéré ju Size fúnra rẹ̀ lọ, ẹ ò ní rí ìyàtọ̀ kankan. Ohun tí a fi ń fa ìwọ̀n náà kò ní nọ́ńbà lára, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ìwọ̀n pàtó lè ṣí áàpù Terminal, kó tẹ èyí:

```
defaults write com.apple.dock tilesize -int 36
defaults write com.apple.dock largesize -int 64
defaults write com.apple.dock magnification -bool true
killall Dock
```

Àṣẹ tó kẹ́yìn ló ń mú kí Dock pa, kó sì tún ara rẹ̀ gbé dìde pẹ̀lú ìwọ̀n tuntun. Ojú kọ̀ǹpútà lè ṣẹ́ fìrì, ẹ má bẹ̀rù.

Pẹ̀lú ètò yìí, Dock ò gbà ju nǹkan bíi 55 lọ nínú 1440 tó wà ní ìbú, gbogbo òòró tó wà lábẹ́ ìlà òkè sì padà sọ́wọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, ó ti tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń to ìwé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lè fẹ́ kí Dock tilẹ̀ fara pa mọ́. Option, Command àti D tí a bá tẹ̀ pọ̀ á pa á mọ́, a óò sì tún tẹ̀ wọ́n láti pè é padà. Ohun tó máa ń bí àwọn ènìyàn nínú níbẹ̀ ni pé Dock tó fara pa mọ́ máa ń yọ jáde láìpè. Bó bá wà nísàlẹ̀, gbogbo ìgbà tí ọfà bá lọ sí ibi tí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ nínú WhatsApp ló lè yọ. Àwọn kan máa ń sọ ìdúró rẹ̀ di òfo kó lè yára. Ìyẹn á tún mú kó máa yọ lemọ́lemọ́ sí i. Bíbọ́sóde rẹ̀ ni kí ẹ mú yára, kí ẹ fi ìdúró sílẹ̀ bó ṣe wà:

```
defaults write com.apple.dock autohide-time-modifier -float 0.3
killall Dock
```

Ó ku ìlà òkè. A lè pa òun náà mọ́, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ ò ju 24 yẹn lọ, aago àti bátìrì á sì kúrò lójú. Ìdọ̀tí orí rẹ̀ ló yẹ ká kó. Láti orí MacBook Air ti 2022, kámẹ́rà ti gba àárín ìlà náà, àmì tí kò bá rí àyè lápá ọ̀tún kámẹ́rà á pòórá láìsí ìkìlọ̀ kankan. Ẹni tó ń kọ Yorùbá lè máa wá àmì tó fi ń yan ABC – Extended, bọ́tìnì tó ń jẹ́ kó rọrùn láti fi àmì ohùn sórí lẹ́tà, kó sì rò pé ó ti parẹ́. Kó tẹ Control àti Space pọ̀ wò. Bí èdè bọ́tìnì bá yí padà, ètò náà ṣì wà, àmì rẹ̀ nìkan ni kò rí ibi jókòó.

Ẹ di Command mú, kí ẹ fa àmì tó ṣe pàtàkì lọ sápá ọ̀tún, nítorí àwọn tó wà lápá òsì ló ń kọ́kọ́ pòórá. Bluetooth, Siri àti àwọn mìíràn tí ẹ kì í tẹ̀ lójoojúmọ́ ò nílò ibẹ̀. Ní macOS Tahoe, abẹ́ Menu Bar nínú System Settings ni ẹ ti lè pa wọ́n, títí kan ti àwọn áàpù tí ẹ gbé wọlé fúnra yín. Ní àwọn ẹ̀dà tó ṣáájú rẹ̀, abẹ́ Control Center ni ẹ óò ti rí ti Apple. Bí wọ́n bá ṣì pọ̀, a lè dín àlàfo àárín wọn kù:

```
defaults -currentHost write -globalDomain NSStatusItemSpacing -int 6
defaults -currentHost write -globalDomain NSStatusItemSelectionPadding -int 6
```

Ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì yín, kí ẹ tún wọlé, kó tó lè hàn. Bí àwọn àmì bá sún mọ́ra jù tí ìka ń ṣìnà, ẹ kọ delete dípò write nínú àṣẹ méjèèjì, ẹ yọ -int 6 kúrò lẹ́yìn wọn, kí ẹ sì tún jáde wọlé. Àlàfo náà á padà sí bí Apple ṣe fi í.