Àtẹ̀jíṣẹ́ òṣìṣẹ́ tuntun tí kò ní jọ ti gbájúẹ̀

Nígbà tí nọ́ńbà àjèjì bá fi ọ̀rọ̀ owó ránṣẹ́ sí oníṣòwò lóde òní, gbájúẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ sí. Ohun tó ń kó òṣìṣẹ́ tuntun sí wàhálà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Báǹkì kan gbé òṣìṣẹ́bìnrin kan láti Òṣogbo lọ sí Ìkìrun, pé kó máa mójú tó àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó yáwó, títí dé Ìnísà àti Òkukù. Ìyá àgbà ni alága ẹgbẹ́ kan l'Ókukù, kò sì mọ̀ ọ́n rí. Bí ìyá yìí bá ní òun ò gbà á gbọ́, kò sí ọmọ ẹgbẹ́ tó máa sanwó lọ́sẹ̀ náà.

Bó bá kọ ọ́ pé, "Ẹ káàsán mà, èmi ni òṣìṣẹ́ yín tuntun, ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì yín ránṣẹ́," ó ti bà á jẹ́, nítorí bí àwọn gbájúẹ̀ ṣe ń kọ ọ́ gan-an nìyẹn. Bó bá sì ki ìyá náà títí ilẹ̀ fi ṣú, ìyá yóò máa ronú pé kí lẹni yìí fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun.

Alárinà ló yẹ kó ṣáájú. Kí òṣìṣẹ́ tó ń kúrò níbẹ̀ kọ́kọ́ pe ìyá lórí fóònù, kó dárúkọ ẹni tó ń bọ̀, kó sì ka nọ́ńbà rẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ kan náà, kí ẹni tuntun wá kọ tirẹ̀ báyìí:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Lágbájá lorúkọ mi, láti ẹ̀ka báǹkì wa n'Íkìrun. Èmi ni Bùọ̀dá Tàmẹ̀dò sọ fún yín pé màá rọ́pò àwọn láti ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ ìpàdé yín àti iye tí ẹ ń san kò yí padà. Mo fẹ́ wá kí yín l'Ọ́jọ́rùú ní aago 10 àárọ̀, bó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Mi ò ní béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ yín tàbí owó lórí fóònù. Ẹ ṣé mà."

Ohun tó ń ba ìyá lẹ́rù jù, ìyẹn pé owó lè yí padà, ti rí ìdáhùn. Ẹyọ ohun kan ṣoṣo ló béèrè, ìyá sì lè yí aago náà padà.

Bó bá jẹ́ máníjà ló ń kọ ọ́ sí, kó fi iye ẹgbẹ́ tó gbà àti èyí tó jẹ gbèsè rọ́pò ọ̀rọ̀ ìpàdé. Fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí Wásáàpù, orúkọ, iṣẹ́ rẹ̀ àti "ẹ kú iṣẹ́ o" ti tó.

Bí ìyá kò bá dáhùn títí ilẹ̀ fi mọ́, kí ó má fi òmíràn ránṣẹ́. Kí ó ní kí alárinà tún pe ìyá. Gbájúẹ̀ náà lè dárúkọ Tàmẹ̀dò, nítorí náà nọ́ńbà Tàmẹ̀dò tó ti wà lórí fóònù ìyá tẹ́lẹ̀ ni kí ìyá pè, kì í ṣe èyí tí àtẹ̀jíṣẹ́ bá gbé wá.