Bí A Ṣe Ń Mọ Ẹ̀kọ́ Tí Ó Péye Lórí Ẹ̀rọ Ayélujára

Ní ayé òde òní, ènìyàn lè jókòó sínú ilé rẹ̀ kí ó sì kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ olùkọ́ tí kò fojú kàn rí. Ẹ̀rọ ayélujára ni ó sọ èyí di ohun tí ó rọrùn. Ṣùgbọ́n bí ojúlówó ti wà lọ́jà náà ni ayédèrú wà níbẹ̀. Àwòrán dídára, orin dídùn àti ìwé ẹ̀rí aláràbarà kò fi hàn pé ẹ̀kọ́ kan péye. Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí á gbé sórí ìwọ̀n: ohun tí ẹ̀kọ́ náà ṣèlérí, ohun tí ó mú kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe, àti ohun tí ó fi dán an wò. Bí àwọn mẹ́ta yìí kò bá fohùn ṣọ̀kan, owó àti àkókò akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí á fi ẹ̀kọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé ọ̀dọ́mọbìnrin kan, tí a bí tí a sì tọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ń fẹ́ máa kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ àgbà ní Abẹ́òkúta. Ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ti ń fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀. Ó rí ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà kan lórí ẹ̀rọ, ó san owó, ó kọ́ ọ parí, ó sì gba máàkì 85 nínú 100. Pẹ̀lú ayọ̀ ni ó fi kọ lẹ́tà sí ìyá àgbà pé òun ti ta ọkọ̀ òun àtijọ́, òun sì fẹ́ ra òmíràn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ sílẹ̀ ni pé, ‘Mo ti ta ọkọ mi àtijọ́, mo sì fẹ́ ra òmíràn.’ Nígbà tí ọmọ aládùúgbò ka lẹ́tà náà sí ìyá àgbà létí, ìyá la ẹnu, kò lè pa á dé.

Báwo ni ẹni tí ó gba máàkì 85 ṣe lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí á yẹ̀ wò.

Ìlérí rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ wò. Ojú ewé kìíní sọ pé, ‘Ní òpin ẹ̀kọ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò ní òye kíkún nípa àmì ohùn.’ Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n inú ni òye ń gbé, kò sí ẹni tí ó lè fi ojú rí i. Ní ọdún 1962, ará Amẹ́ríkà kan tí à ń pè ní Rọ́bẹ́ẹ̀tì Mégà ṣe ìwé lórí ọ̀ràn yìí. Ó kọ́ àwọn olùkọ́ pé kí ìlérí ẹ̀kọ́ máa sọ ohun mẹ́ta: iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè ṣe, ipò tí yóò wà nígbà tí ó bá ń ṣe é, àti bí iṣẹ́ náà yóò ti dára tó. Bí a bá tún ìlérí yẹn kọ bẹ́ẹ̀, yóò ka báyìí pé: ‘Bí a bá fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà ọlọ́rọ̀ 100 tí kò ní àmì, yóò fi àmì ohùn sí i láìwo ìwé kankan, àṣìṣe rẹ̀ kò sì ní ju 5 lọ.’ Irú ìlérí báyìí ni a lè bi ẹlẹ́kọ̀ọ́ léèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdánwò ni ó kàn. Ìbéèrè 20 ni ó wà níbẹ̀, ìdáhùn mẹ́rin ni a sì kọ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan pé kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ọ̀kan. Ohùn mélòó ni ó wà nínú èdè Yorùbá? Ohùn wo ni a kì í sábà fi àmì sí? Ìbéèrè wọ̀nyí kò burú, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi àmì sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tí ó mọ orúkọ gbogbo irinṣẹ́ alágbẹ̀dẹ kò tíì di alágbẹ̀dẹ. Jọ́ọ̀nù Bígìsì, olùkọ́ yunifásítì kan, ṣàlàyé ní ọdún 1996 pé iṣẹ́ tí ìlérí dárúkọ gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ máa ṣe nínú ẹ̀kọ́, òun náà ni a sì gbọ́dọ̀ fi dán an wò.

Bí a ti pín máàkì ni ó tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà pátápátá. Máàkì 50 wà fún ìbéèrè 20 yẹn, 40 wà fún wíwo fídíò dópin, 10 péré ni ó wà fún iṣẹ́ kan tí ó ní kí á fi àmì sí gbólóhùn. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà gba 45 nínú ìbéèrè, ó gba 40 nítorí pé ó wo fídíò, kò gba nǹkan kan nínú iṣẹ́ àmì. Ìyẹn ni ó di 85. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó gbin ọgọ́rùn-ún ẹ̀bù tí ó ní òun gbin igba, nígbà tí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, kí ó ṣe é kí ó tó kọ́ ẹ̀kọ́ rárá. Nínú ìbéèrè 20 tí ó ní ìdáhùn mẹ́rin mẹ́rin, ẹni tí ó kàn ń méfò yóò gba bíi 5. Bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan bá yege, a jẹ́ pé ìdánwò náà kò wọn nǹkan kan.

Ó kù kí á wo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Fídíò ogójì ìṣẹ́jú ni ó ń wò, a sì kà á sí aláápọn nítorí pé ó wò ó dé ìparí. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè máa wo fídíò kí ọkàn rẹ̀ wà lọ́jà. Ìbéèrè méjì ni a fi ń mọ̀ bóyá ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ wà nídìí iṣẹ́: kí ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe? Ta ni ó sì fi àṣìṣe rẹ̀ hàn án nígbà tí àtúnṣe ṣì ṣeé ṣe? Nínú ẹ̀kọ́ tí ó péye, fídíò kúkúrú ni yóò wò. Lẹ́yìn náà yóò gbọ́ gbólóhùn kan, yóò fi àmì sí i, ẹ̀rọ yóò sì jẹ́ kí ó gbọ́ ‘ọkọ’ tí ó kọ àti ‘ọkọ̀’ tí ó yẹ kí ó kọ. Yóò kọ lẹ́tà sí akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, èyí yóò kà á sókè gẹ́gẹ́ bí àmì rẹ̀ ti rí, olùkọ́ yóò sì tún un ṣe kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Síbẹ̀, bí ètò ẹ̀kọ́ kan ti lẹ̀ dára tó, ètò nìkan kò tó láti fi dájọ́. Ẹni tí ó ń yẹ ẹ̀kọ́ wò gbọ́dọ̀ béèrè iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ní ọjọ́ kìíní àti èyí tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ ìkẹyìn, kí ó gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, nítorí pé ẹlòmíràn ti mọ nǹkan náà kí ó tó dé. Ó sì gbọ́dọ̀ béèrè iye ẹni tí ó fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ lágbedeméjì, àti ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi í sílẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ bá ṣubú ní ojú kan náà, ibẹ̀ ni ọ̀nà ti bàjẹ́.

Ní ti ọ̀dọ́mọbìnrin ará Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́tà kan ṣoṣo tí a kà sókè ni ó fi ohun tí ìwé ẹ̀rí bò mọ́lẹ̀ hàn. Bí olùkọ́ rẹ̀ bá ti ní kí ó kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì ni, ìyá àgbà kì bá tí gbọ́ pé ọmọ òun ti ta ọkọ rẹ̀.