Ìgbà Wo Ni Fèrèsé Tó Ń Rìn Bá Ìbéèrè Mu?

Ká sọ pé ìyá onígàrí kan ní ìwé kékeré tó ń kọ iye àpò tó bá tà lójúmọ́ sí. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àìkú, àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ báyìí: 3, 1, 4, 2, 6, 4, 1. Ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà gba ìwé náà wò, ó ní, "Màámi, ọjọ́ mélòó tó tẹ̀ léra ló kéré jù tẹ́ ẹ fi ta àpò 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ?" Ìyá wo ìwé lẹ́ẹ̀kan, ó dáhùn: "Ọjọ́ méjì ni. Ẹtì àti Àbámẹ́ta."

Ọjọ́ 7 péré ni, ìdí nìyẹn tí ojú fi rí i kíá. Bó bá jẹ́ ìwé odidi ọdún kan, ojú á rẹ̀. Ohun tí ọmọ náà máa kọ́kọ́ rò ni pé kí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, kó wo gbogbo ibi tó lè parí sí, kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdáhùn tó tọ̀nà lèyí máa mú wá, àmọ́ nínú ọjọ́ 365, ẹyọ ọjọ́ àti ọjọ́ tó tẹ̀ léra tó máa yẹ̀ wò jẹ́ 66,795. Bí ìwé bá gùn ní ìlọ́po mẹ́wàá, iṣẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún.

Ọ̀nà kejì wà tí wọ́n ń pè ní fèrèsé tó ń rìn. Ẹ fi ìka òsì àti ìka ọ̀tún lé ọjọ́ Ajé. Ohun tó bá wà láàárín ìka méjèèjì ni fèrèsé. Ìka ọ̀tún á máa lọ síwájú lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, á máa kó àpò wọlé: 3, lẹ́yìn náà 4, lẹ́yìn náà 8. Nígbà tó dé Ọjọ́bọ̀, àpapọ̀ di 10. Ó ti pé 9, ọjọ́ mẹ́rin ló sì gbà. Ó wá kan ìka òsì. Ó yọ 3 ti ọjọ́ Ajé kúrò, ó ku 7, kò tó mọ́, ó dúró. Ìka ọ̀tún tún lọ sí Ẹtì, àpapọ̀ di 13. Ìka òsì yọ 1, ó ku 12, ọjọ́ mẹ́ta. Ó yọ 4, ó ku 8, ó dúró. Ìka ọ̀tún dé Àbámẹ́ta, 12 ni. Ìka òsì yọ 2 ti Ọjọ́bọ̀, ó ku 10, ọjọ́ méjì. Ó yọ 6, ó ku 4. Ọjọ́ Àìkú mú 1 wá, kò tún kan nǹkan kan. Ọjọ́ méjì ni, bí ìyá ṣe sọ.

Ìka kankan kò padà sẹ́yìn. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó sì jáde lẹ́ẹ̀kan, bó bá tiẹ̀ jáde rárá. Nítorí náà, ìwé ọjọ́ 365 kò lè gba ju ìgbésẹ̀ 730 lọ. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Páítọ́ọ̀nù nìyí:

```python
def kuru_ju(oja, afojusun):
    osi = 0
    apapo = 0
    kuru = len(oja) + 1
    for otun in range(len(oja)):
        apapo += oja[otun]
        while apapo >= afojusun:
            kuru = min(kuru, otun - osi + 1)
            apapo -= oja[osi]
            osi += 1
    return kuru
```

Bí kò bá sí ọjọ́ tó tẹ̀ léra tó pé iye náà, nọ́ńbà tó máa jáde á fi ẹyọ kan ju gbogbo ọjọ́ lọ, èyí ló sì máa fi hàn pé kò sí. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù níbí ni kéèyàn kọ `if` síbi tó yẹ kí `while` wà. Ìka òsì á wá máa gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo nígbà tó yẹ kó gbé méjì. Bí ẹ bá fi ìwé ìyá onígàrí dán an wò, 4 ló máa jáde dípò 2.

Ibi tí kóòdù yìí ti dùn náà ló ti léwu. Mo ti jókòó ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń múra fún ìdánwò iṣẹ́, mo sì ti rí i pé bí wọ́n bá ti gbọ́ "tó tẹ̀ léra" báyìí, ọwọ́ wọn ti lọ síbi fèrèsé. Òótọ́ ni pé ohun tí kò bá tẹ̀ léra kò bá fèrèsé mu: bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ṣa ọjọ́ níhìn-ín lọ́hùn-ún, ẹ tètè gbé ìka kúrò. Ṣùgbọ́n pé ó tẹ̀ léra nìkan kò tó. Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi ara rẹ̀ ni pé: bí mo bá fi kún un lápá ọ̀tún, ṣé ibì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ máa ń yí sí? Bí mo bá yọ lápá òsì, ṣé òdìkejì ibẹ̀ ló máa ń yí sí nígbà gbogbo? Gàrí tí ìyá tà kò lè dín sí òfo. Bí ọjọ́ bá wọlé, àpapọ̀ á pọ̀ sí i tàbí kó dúró síbi tó wà. Bí ọjọ́ bá jáde, á dín kù tàbí kó dúró. Èyí ló fún ìka òsì láyè láti dúró láìbẹ̀rù: bí àpapọ̀ bá ti wá sílẹ̀ ju 9 lọ, kò sí bí yíyọ òmíràn ṣe lè gbé e padà sókè.

Ẹ wá wò ó bí ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gàrí tí oníbàárà dá padà sínú ìwé kan náà. Lọ́jọ́ kìíní ó ta àpò 6. Lọ́jọ́ kejì kò tà, wọ́n sì dá 5 padà, ó kọ −5. Lọ́jọ́ kẹta ó ta 9. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ojú máa rí i pé ọjọ́ kẹta nìkan ti tó. Kóòdù òkè yìí kò rí i. Àpapọ̀ lọ láti 6 sí 1, ó dé 10, ó kọ ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀. Ó yọ 6, ó ku 4, ó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìgboyà. Kò mọ̀ pé ohun tó kàn láti yọ ni −5, àti pé bí òun bá yọ ọ́, àpapọ̀ á fò padà sí 9. Ìdáhùn rẹ̀ ni 3, nígbà tí 1 jẹ́ òótọ́. Kò kígbe, kò fi àṣìṣe kankan hàn lójú kọ̀ǹpútà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní káwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá nọ́ńbà òdì kiri nínú ìbéèrè kí wọ́n tó kọ ìlà kan. Bí ìbéèrè kò bá sọ pé nọ́ńbà òdì kò sí, ẹ gbà pé ó wà.

Bó bá wà, àpapọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ la máa ń gbá mú. A kọ 0, ká tó wá ní 6, 1, 10. Àpapọ̀ ọjọ́ èyíkéyìí tó tẹ̀ léra jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín méjì nínú wọn: 10 yọ 1 jẹ́ 9, ìyẹn ọjọ́ kẹta. Ìyàtọ̀ yẹn là ń wá, a kì í tún sáré tẹ̀ lé ìka. Àmọ́ bí wọ́n bá ti sọ iye ọjọ́ fún wa, bí "ọjọ́ 7 èyíkéyìí tó tẹ̀ léra tí ọjà yá jù", nọ́ńbà òdì kò lè ṣe wá ní nǹkan kan. Fèrèsé náà kì í fẹ̀, kì í sún kì; ó ń gba ọ̀kan wọlé, ó ń lé ọ̀kan jáde, kò sì ní ìpinnu kankan láti ṣe.

Ọ̀rọ̀ "géérégé" náà máa ń tanni jẹ. Wọ́n lè ní ká ka iye apá tó tẹ̀ léra nínú ọ̀rọ̀ "bàtà" tó ní oríṣi lẹ́tà méjì géérégé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti b: "b" kò tíì tó, "bà" tó, "bàt" ti kọjá. Ó wọ inú òfin, ó tún jáde lápá kejì, ìka òsì kò sì mọ ìgbà tó yẹ kó rìn. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni ká pààrọ̀ ìbéèrè. "Kò ju méjì lọ" bá fèrèsé mu, torí bí fèrèsé bá ti dára, gbígé e kù kò lè bà á jẹ́. Apá tí oríṣi lẹ́tà rẹ̀ kò ju méjì lọ nínú "bàtà" jẹ́ 8. Àwọn tí kò ju oríṣi kan lọ jẹ́ 4. A yọ 4 kúrò nínú 8, ó ku 4: bà, àt, tà, àtà. Ẹ rìn ín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ yọ ọ̀kan nínú èkejì.

Ìbéèrè lẹ́tà tó gbajúmọ̀ jù ni ká wá apá tó gùn jù tí lẹ́tà kankan kò ṣe ẹ̀ẹ̀mejì nínú rẹ̀. Ẹ yẹ "ìbàdàn" wò. Ìka ọ̀tún lọ: ì, b, à, d, mẹ́rin ti wọlé. Ó kan à kejì. Ìka òsì á máa yọ títí à àkọ́kọ́ fi jáde, ó yọ ì, ó yọ b, ó yọ à, ó ku d àti à. N wọlé, ó di mẹ́ta. Mẹ́rin ló gùn jù. Níbí, ìgbà tí fèrèsé bá ti tún dára la máa ń kọ gígùn rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe nígbà tí a ṣì ń yọ, torí èyí tó gùn jù là ń wá. Fún èyí tó kúrú jù, bí ti gàrí, àárín yíyọ gan-an la ti ń kọ ọ́.

Fún àwa tó ń kọ Yorùbá, ó ku ibì kan tí fèrèsé máa ń rìn dáadáa, kí ìdáhùn ṣì wọ́. Kọ̀ǹpútà ní ààyè kan fún à, àmọ́ kò ní ààyè kan fún ọ̀. Lẹ́tà ọ ló máa ń kọ, kó tó fi àmì ohùn lé e gẹ́gẹ́ bí nǹkan kejì. Ẹ sọ pé kí Páítọ́ọ̀nù ka iye ohun tó wà nínú "ọ̀rẹ́" bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́: 5 ló máa sọ. Bí ẹ bá fi fèrèsé wá apá tó gùn jù tí kò ní àsọtúnsọ, márùn-ún náà ló máa bá yín jáde, torí ọ, àmì ìsàlẹ̀, r, ẹ àti àmì òkè yàtọ̀ síra. Òfin fèrèsé kò ṣẹ̀, ohun tí a kó sínú rẹ̀ ló ṣẹ̀. Kí ìka tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn rárá, ẹ so àmì kọ̀ọ̀kan mọ́ lẹ́tà tó gùn lé, ẹ tò wọ́n sínú ìlà, kí ìka máa fò láti odindi lẹ́tà kan sí èkejì. "Ọ̀rẹ́" á wá padà di mẹ́ta.