Ogún Ìṣẹ́jú Lójú Ọ̀nà M2

Àbúrò mi obìnrin, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn ní gúúsù-ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, pè mí lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, iná kan ti tàn níwájú ọkọ mi o. Ó dà bí àpótí kékeré tí wọ́n da ẹ̀ka tótòtó sínú rẹ̀." Mo bi í pé àwọ̀ wo ni. Ó ní ó pọ́n bí ọsàn. Mo bi í bóyá ó ń ṣẹ́jú. Ó ní rárá, ó kàn dúró bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé a jọ máa jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Iṣẹ́ ọkọ títún ṣe ni mò ń jẹ, kò sì sí oṣù kan tí iná yìí kì í gbé ẹnì kan wá bá mi. Ọ̀pọ̀ wọn ló rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Ní àkókò tó kọ́kọ́ tàn yẹn, kì í sábà jẹ́ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ooru ni ọkọ ń béèrè.

Asẹ́ kan wà nínú páìpù èéfín ọkọ dísẹ́ẹ̀lì, dí-pí-ẹ́fù ni àwa mẹkáníìkì ń pè é. Pẹ́jò 607 ti ọdún 2000 wà lára àwọn ọkọ tó kọ́kọ́ gbé e dé ọjà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ọkọ dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tà ní tuntun ní Yúróòpù láti 2011 ló ní in. Bí afárá oyin ló rí tí ẹ bá wo ojú rẹ̀, àmọ̀ líle ni wọ́n fi ṣe é. Ihò kan ṣí níwájú, wọ́n sì dí ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣí lẹ́yìn, wọ́n sì dí iwájú rẹ̀. Èéfín kò rí ọ̀nà mìíràn ju kó gba inú ògiri tín-ín-rín tó wà láàárín méjèèjì kọjá lọ. Afẹ́fẹ́ á kọjá, dúdú èéfín á kù sínú asẹ́. Dúdú yẹn gan-an ló léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sẹ́ ẹ.

Asẹ́ tó ń gba ìdọ̀tí lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ kún. Báwo ni wọ́n ṣe ń dà á nù? Ẹni tó bá ti fi igi dáná rí ti rí ìdáhùn náà. Ìdí ìkòkò á dúdú kirikiri, ṣùgbọ́n ẹ wo inú ààrò lọ́jọ́ tí iná bá jó dáadáa: ojú òkúta tó wà níbi tí iná ti gbóná jù á mọ́, èyí tó wà létí, tí ooru kò dé tó, ló máa dúdú. Iná tó gbóná tó máa ń jó dúdú èéfín náà run. Nínú asẹ́ ọkọ, ooru tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kíákíá tó nǹkan bí 600 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Bí ọkọ bá ń rìn ràì nínú ìlú, èéfín tó ń dé ibẹ̀ lè má ju 200 lọ.

Ẹ wá wo iṣẹ́ àbúrò mi. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló ń kúrò nílé, máìlì méjì ló máa wà dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà àkọ́kọ́. Ó pa ọkọ, ó wẹ ìyá, ó fún un lóúnjẹ, ó tún wa máìlì kan ààbọ̀ lọ sílé tó kàn. Ilé mẹ́jọ lójúmọ́ báyìí, ẹ́ńjìnnì kì í sì í tí ì gbóná tán kó tó tún pa á.

Ọkọ fúnra rẹ̀ máa ń gbìyànjú. Bí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá ṣírò pé asẹ́ ti ń kún, á tú dísẹ́ẹ̀lì díẹ̀ sí i nígbà tí ìjóná inú sìlíńdà ti ń parí lọ, kí epo yẹn lè lọ jó nínú páìpù, kó sì gbé ooru asẹ́ sókè. Ó máa ń gba bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí márùndínlọ́gbọ̀n. Ẹ lè mọ̀ ọ́n: ẹ́ńjìnnì á máa yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bí ọkọ bá dúró, òórùn gbígbóná kan á máa jáde, fáànù á sì tún máa pariwo lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa ọkọ. Bí ẹ bá pa á láàárín iṣẹ́ yìí, asẹ́ kò mọ́, epo tí kò jó sì lè ṣàn sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Àbúrò mi ti pa á báyìí láìmọye ìgbà. Kò mọ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, ohun tí mo kọ́kọ́ fà yọ ni ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì bá ti ga ju àmì òkè lọ tó sì ń rùn bí dísẹ́ẹ̀lì, ẹ má gbé ọkọ náà jáde, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ ọ́ìlì. Tirẹ̀ ṣì wà lábẹ́ àmì. Epo inú táǹkì kò tó ìdá mẹ́rin, a sì rà kún un, nítorí ọ̀pọ̀ ọkọ kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí bí epo bá ti kéré tó bẹ́ẹ̀. Mo wá so ẹ̀rọ tí mo fi ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ mọ́ ọn: asẹ́ ti kún dé 71 nínú ọgọ́rùn-ún.

Òun ló wà á. A gba A2 jáde síhà Kent. Kò sáré, ṣùgbọ́n nígbà tí a bọ́ sórí M2 mo ní kó wà lórí jíà kẹrin, kó má ju ọgọ́ta máìlì ní wákàtí lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ́ńjìnnì ń ké o." Mo ní ohun tí a ń wá nìyẹn. Àwọn èèyàn rò pé eré ni, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó ń yí bí ẹgbẹ̀rún méjì àti ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú kan, tí kò dúró, tí kò dẹ̀ rárá, ni ooru náà ti ń wá. Nígbà tí a ń gun afárá odò Medway, ooru asẹ́ tó ti wà ní nǹkan bí 300 fò sókè. Ó kọjá 500, ó dé 600, ó sì dúró síbẹ̀. Iye orí ẹ̀rọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀: 60, 44, 29. Kí a tó dé Faversham ó ti di 9, iná náà sì kú fúnra rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú kò pé. Àbúrò mi pariwo, "Ó ti kú!"

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Bí iná náà bá ń ṣẹ́jú, tàbí tí iná ẹ́ńjìnnì tàn pẹ̀lú rẹ̀, tí ọkọ kò sì lágbára mọ́, ẹ má gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn. Asẹ́ ti lè kún ju ohun tó ṣeé jó láìléwu lọ, tàbí kí sẹ́ńsọ̀ kan ti bàjẹ́ tí kọ̀ǹpútà kò fi gbà kí iná jó. Mẹkáníìkì ló kàn. Ooru kò sì lè jó eérú. Ọ́ìlì tó ń jó díẹ̀díẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì ló ń fi eérú sílẹ̀ nínú asẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ọ́ìlì tí eérú rẹ̀ kéré fún ọkọ wọ̀nyí. Nígbà tí eérú bá kún lẹ́yìn ọdún púpọ̀, yíyọ jáde láti fọ̀ tàbí pípààrọ̀ ló kù. Ẹni tó bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun yọ asẹ́ náà dànù ń fi yín sínú ẹjọ́. Láti oṣù kejì ọdún 2014, ọkọ tó yẹ kó ní asẹ́, tí kò sì ní in mọ́, kì í yege àyẹ̀wò MOT ní Bìrìtéènì, owó ìtanràn lórí ọkọ kékeré sì lè tó ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, iná àbúrò mi tún tàn. Ó ní ṣé ká tún lọ sí Faversham. A jókòó, a ka àwọn ilé tó ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àti bí ọ̀nà ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó. Kò sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kan níbẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láìdúró. A jọ tún lọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí iná lè kú, lẹ́yìn náà mo ní kó ta ọkọ náà, kó ra èyí tó ń lo pẹ́tírólù. Ó dùn ún, nítorí pé dísẹ́ẹ̀lì yẹn kì í mu epo púpọ̀. Ọkùnrin kan tó ń ti Ashford wá sí Lọ́ńdọ̀nù lójoojúmọ́ ló rà á lọ́wọ́ rẹ̀. A sọ gbogbo ìtàn asẹ́ náà fún un kó tó sanwó, ó ní kò burú, wákàtí kan àti díẹ̀ ni òun ń lò lórí M20 láàárọ̀.