Ìlẹ̀kẹ̀ Kẹtàdínláàádọ́rin: Ṣé Wàrà A2 Ba Inú Lára Mu Ju A1 Lọ?

Bí ènìyàn bá fojú wo wàrà A1 àti wàrà A2 nínú ife, kò lè mọ èyí tí í ṣe A1. Àwọ̀ wọn kan náà ni, ṣúgà inú wọn kò sì yàtọ̀. Inú pùròtéènì kan tí wọ́n ń pè ní béètà-kaséènì ni ìyàtọ̀ wọn wà. Ẹ jẹ́ ká fi pùròtéènì yìí wé ìlẹ̀kẹ̀ 209 tí a sín sórí okùn kan. Nínú A2, ìlẹ̀kẹ̀ kẹtàdínláàádọ́rin jẹ́ pùrólínì. Nínú A1, hísítídínì ni. Ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo náà ni gbogbo awuyewuye yìí dá lé.

Níbi tí hísítídínì bá wà, okùn náà tètè ń já nígbà tí wàrà bá ń dà nínú ìfun. Ègé tó já níbẹ̀ ní ìlẹ̀kẹ̀ méje, wọ́n sì ń pè é ní BCM-7. Ìṣesí rẹ̀ fara jọ ti mọfíìnì, ó sì lè dẹ ìrìn oúnjẹ nínú ìfun, pàápàá nínú ẹranko tí wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò. Ọ̀rọ̀ yìí ló bí ilé-iṣẹ́ kan ní Nìù Sílándì lọ́dún 2000, tó ń ta wàrà A2 nìkan ní owó tó ju ti wàrà gbogboògbò lọ. Àmọ́ ohun tó ṣeé ṣe nínú ìfun ọ̀tọ̀, ohun tí ẹni tó mu wàrà yóò fojú ara rẹ̀ rí ọ̀tọ̀.

Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2014 láti Yunifásítì Kọ́tìnì nílùú Pẹ́ẹ̀tì, ní Ọsirélíà, fi èyí hàn dáadáa. Ènìyàn 41 ló wọ inú rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fi wàrà màlúù sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ń mu èyí tí wọ́n fi ìrẹsì ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mu ọ̀kan nínú A1 àti A2, mílílítà 750 lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n sinmi, wọ́n sì mu ìkejì. Kò sí ẹni tó mọ èyí tí òun ń mu.

Òṣùwọ̀n ìgbẹ́ tí àwọn dókítà ń lò bẹ̀rẹ̀ láti 1, èyí tó le kóró bíi ti ewúrẹ́, títí dé 7, èyí tó jẹ́ omi gbuuru. A1 mú 3.87, A2 mú 3.56. Lóòótọ́ ni ti A1 rọ̀ díẹ̀ sí i, àwọn tí ìgbẹ́ wọn sì rọ̀ jù nígbà tí wọ́n ń mu A1 ni inú tún ń run jù. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ dá ni 3 àti 4 méjèèjì! Ti inú wíwú àti inú rírun, kò sí ìyàtọ̀ gbòógì láàárín wàrà méjèèjì. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta A2 ló sì ṣonígbọ̀wọ́ ìwádìí náà. Èyí kò sọ ọ́ di irọ́, àmọ́ ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ rà á mọ̀.

Nílùú Ọ́kílándì, ní 2020, wọ́n ṣe ohun tó bọ́gbọ́n mu jù lójú mi. Ogójì obìnrin tó ní wàrà ń dà wọ́n nínú rú ni wọ́n fún ní oríṣi mẹ́ta: wàrà gbogboògbò, A2, àti èyí tí wọ́n ti yọ ṣúgà wàrà, ìyẹn láktóòsì, kúrò nínú rẹ̀. Láàárín àwọn tí ara wọn kò lè da láktóòsì, A2 dín èébì tó ń gbé ni kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ṣì wú, inú ṣì run, gáàsì ṣì ń yọ, bíi ti wàrà gbogboògbò. Èyí tí kò ní láktóòsì ló mú ìrọ̀rùn wá.

Ọ̀rọ̀ láktóòsì yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Lọ́dún 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó di mínísítà ètò ìlera lẹ́yìn náà, wà lára àwọn tó fún onírúurú ẹ̀yà ní Nàìjíríà ní láktóòsì mu, tí wọ́n sì wo bí ṣúgà ṣe gòkè nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àgbà Yorùbá tí wọ́n yẹ̀ wò ni kò lè dà á, nígbà tí ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran lè dà á. Láktóòsì nìkan ni wọ́n mu. Kò sí kaséènì kankan níbẹ̀, yálà A1 tàbí A2. Àwọn màlúù oníké bíi ti Fúlàní sì rèé, A2 ló pọ̀ jù nínú wàrà wọn tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí wàrà ń yọ lẹ́nu lè kọ́kọ́ mu èyí tí kò ní láktóòsì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ara bá tù ú, láktóòsì ló ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹlẹ́bi. Ẹni tí ara rẹ̀ ń lé sùúrù tàbí tí ètè rẹ̀ ń wú nítorí wàrà kò gbọ́dọ̀ gbé A2 sẹ́nu, torí pùròtéènì wàrà ni òun náà. Obìnrin tó sì ń fi omi ewé bọmúbọmú mú wàrà dì lọ́jà, tó ń sẹ́ ẹ nínú agbọ̀n kékeré, inú omi tó ń ro sílẹ̀ yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú láktóòsì náà ń bá lọ.