Gbólóhùn Èsì Nínú Àkópọ̀ Ìwádìí Lórí Àkóràn Ẹ̀jẹ̀ Ìkókó

Nínú àkópọ̀ ìwádìí fún pósítà àpérò, gbólóhùn èsì ló gba ìṣọ́ra jù. Ká ní ìwádìí náà dá lórí ìmọ́tótó ọwọ́ ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe àwọn ìkókó. Òǹkọ̀wé ní àkóràn ẹ̀jẹ̀ dínkù láti 12 sí 6. Ṣé òótọ́ ni? Bí àròpọ̀ ọjọ́ tí gbogbo ìkókó lò níbẹ̀ bá jẹ́ 1,500 tẹ́lẹ̀, tó sì wá di 750, àkóràn 8 fún ọjọ́ 1,000 ni méjèèjì: ọjọ́ ló dínkù, kì í ṣe ìwọ̀n àrùn. Nítorí náà, ẹ kọ iye àkóràn pẹ̀lú iye ọjọ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ kà pẹ̀lú, bí àpẹẹrẹ, àkóràn tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 72 tí a bí ọmọ, tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì fi kòkòrò rẹ̀ hàn.