Àtọ̀gbẹ Tó Ń Yọjú Nínú Oyún

Àyẹ̀wò ìtọ̀ nìkan kò tó láti fi mọ àtọ̀gbẹ inú oyún. Ẹ̀jẹ̀ la gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28, aláboyún á gbààwẹ̀ mọ́jú, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, á mu gíráàmù 75 glúkóòsì tí wọ́n pò mọ́ omi, wọ́n á sì tún gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan àti lẹ́yìn wákàtí méjì.

Ká ní èsì obìnrin kan jẹ́ 88, 190 àti 149. Ààlà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ ni 92, 180 àti 153. Ẹyọ kan péré ló kọjá ààlà, ṣùgbọ́n ó ti tó: àtọ̀gbẹ ni. Ó sì lè má mọ nǹkan kan lára.

Ṣúgà ìyá ń gba inú ibi ọmọ kọjá, ínsúlíìnì rẹ̀ kì í kọjá. Ọmọ á wá máa ṣe ínsúlíìnì tirẹ̀ lọ́pọ̀, á tóbi jù, èjìká rẹ̀ lè há nígbà ìbí. Bí wọ́n bá ti gé ìwọ́, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tètè fún un lọ́mú. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè kọlu ìyá.

Kò dìgbà tó bá pa ẹ̀bà tì. Kó dín in kù, kó fi ẹ̀fọ́ àti ẹja kún un, kó gún ìka wò lẹ́yìn wákàtí kan: kó má tó 140. Láàárọ̀ kó tó jẹun, kó má tó 95. Bí ó bá ń kọjá bẹ́ẹ̀ léraléra, ínsúlíìnì ló kàn. Lẹ́yìn ìbí, kó tún àyẹ̀wò ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12.